Láàpútọ́ọ̀pù Tí Yóò Bá Akẹ́kọ̀ọ́ Dé Ọdún Àṣekágbá

Púpọ̀ nínú láàpútọ́ọ̀pù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé kiri ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò wá tààrà láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Tòkunbọ̀ ni. Iléeṣẹ́ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ rà á fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lò ó fún ọdún mélòó kan, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ tà pọ̀ nígbà tí tuntun dé. Láti ibẹ̀ ló ti gba orí omi wọ Èkó, tó sì dé orí àtẹ ní òpópónà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, kí àwọn alájàpá tó pín in kiri lọ sí Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin. Ìdí nìyí tí orúkọ mẹ́ta fi gba orí àtẹ kan: HP, Dell àti Lenovo. Àwọn yìí ni iléeṣẹ́ òkè òkun ń rà fún òṣìṣẹ́ wọn. Apple náà wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òbí ni pé, nínú HP àti Dell, èwo ló lágbára jù? Bí ìbéèrè yẹn ṣe wà, kò ní ìdáhùn, torí pé oríṣi ẹ̀rọ méjì ni iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ọ̀kan wà fún ìlò inú ilé, èyí tí wọ́n ṣe kí owó rẹ̀ má baà wọ́n: Pavilion láti ọ̀dọ̀ HP, Inspiron láti ọ̀dọ̀ Dell, IdeaPad láti ọ̀dọ̀ Lenovo. Èkejì wà fún ọ́fíìsì: EliteBook, Latitude àti ThinkPad. Èyí tó wà fún ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe kí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ lè tú u kíákíá, kó pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, kó sì dá a padà fún òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, EliteBook àti Latitude súnmọ́ ara wọn ju bí EliteBook àti Pavilion ṣe súnmọ́ra lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé HP ló bí àwọn méjì ìkẹyìn yìí. Ẹni tó bá ń fi orúkọ ara ìdérí nìkan yan ẹ̀rọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yàn.

Ẹ̀rọ mẹ́rin tó wọ́pọ̀ lórí àtẹ ló tó láti fi ṣe àfiwé. Mẹ́ta nínú wọn jáde ní 2018: ThinkPad T480, Latitude 7490 àti EliteBook 840 G5. Ẹ̀kẹrin ni MacBook Air tó ní prósẹ́sọ̀ M1, tó jáde ní ìparí 2020. Ìdí tí àfiwé yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti 2018 ni pé Microsoft ti parí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ Windows 11 kì í gba prósẹ́sọ̀ Intel tí kò bá tíì dé ìran kẹjọ, yàtọ̀ sí ẹyọ díẹ̀. Nọ́ńbà ara prósẹ́sọ̀ ló ń sọ ìran rẹ̀. Nínú i5-8350U, 8 tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì ni ìran kẹjọ. I5-7300U jẹ́ ìran keje. Kí olùrà ka nọ́ńbà yìí fúnra rẹ̀, nítorí àwọn kan nínú ẹ̀rọ 2018 ṣì gbé prósẹ́sọ̀ ìran keje sínú, ojú wọn ò sì yàtọ̀ sí ti ìran kẹjọ.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló yẹ kó ṣáájú, nítorí iná. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò ní hóstẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ lè má rí ojú iná tó máa ki ṣájà rẹ̀ bọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. “Ó ń lo wákàtí mẹ́jọ” tí oníṣòwò ń sọ kò dá a lójú fúnra rẹ̀. Ohun tó dájú wà lára bátìrì: nọ́ńbà kan tí lẹ́tà Wh tẹ̀ lé, ìyẹn wáàtì-wákàtí. Ó ń sọ iye iná tí bátìrì náà lè gbà sínú. Iye wákàtí tí ẹ̀rọ yóò lò ni nọ́ńbà yẹn bí a bá fi iye wáàtì tí ẹ̀rọ ń jẹ pín in. Àwọn ẹ̀rọ 2018 tí a dárúkọ yìí máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 8 bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ̀wé, tó ń ka ìwé lórí rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kò sì pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ fídíò ni tàbí eré, ó lè di ìlọ́po méjì.

Nígbà tí Latitude 7490 wà ní tuntun, bátìrì rẹ̀ tó tóbi jẹ́ 60 Wh. 60 tí a fi 8 pín jẹ́ wákàtí 7 àbọ̀. Kékeré rẹ̀ sì wà, 42 Wh, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ti EliteBook 840 G5 jẹ́ nǹkan bíi 50 Wh, ìyẹn wákàtí 6 ó lé díẹ̀. ThinkPad T480 ló ní ìtàn tirẹ̀, nítorí bátìrì méjì ló gbé. Ọ̀kan wà nínú ikùn rẹ̀, 24 Wh. Èkejì wà lẹ́yìn, èyí tí a lè fi ọwọ́ yọ láìlo súkúrù kankan, oríṣi mẹ́ta sì ni: pẹlẹbẹ tó jẹ́ 24 Wh, èyí tó yọ kókó nísàlẹ̀ tó jẹ́ 48 Wh, àti èyí tó jẹ́ 72 Wh. Nọ́ńbà ara wọn ni 61, 61+ àti 61++. Ẹni tó gbọ́ pé T480 ń pẹ́ ju gbogbo wọn lọ kò gbọ́ irọ́, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ ló máa ń wà lára púpọ̀ nínú èyí tó wà lórí àtẹ, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ju 48 Wh lọ. Kí ó dojú rẹ̀ dé kí ó tó dúnàádúrà. Ẹ̀rọ náà máa ń jẹ bátìrì ẹ̀yìn tán kó tó kan ti inú, èyí tó túmọ̀ sí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè yọ ti ẹ̀yìn nígbà tó bá tán, kó ki òmíràn bọ̀, láìpa ẹ̀rọ.

MacBook Air M1 kò ní bátìrì tó tóbi: 49.9 Wh péré. Àmọ́ Apple kéde wákàtí 15 fún lílo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀, èyí tó ń fi hàn pé kò jẹ ju wáàtì 3 ó lé díẹ̀ lọ. Prósẹ́sọ̀ náà ló fà á, kì í ṣe bátìrì. Lójú ìṣirò yìí nìkan, kò sí ẹ̀rọ 2018 kan tó lè bá a du ipò kìn-ín-ní.

Ọ̀rọ̀ tuntun ni gbogbo èyí; tòkunbọ̀ ló wà nílẹ̀. Bátìrì ń gbó, ìwọ̀n tó gbó dé ni olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó sanwó. Lórí Windows, àṣẹ kan wà tí a ń tẹ̀ sínú ojú dúdú Command Prompt:

```
powercfg /batteryreport
```

Ẹ̀rọ yóò kọ ìròyìn kan sílẹ̀, yóò sì sọ ibi tó fi í sí. Nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. DESIGN CAPACITY ni iye tí bátìrì lè gbà nígbà tó wà ní tuntun. FULL CHARGE CAPACITY ni èyí tó kù tó lè gbà lónìí. mWh ni wọ́n fi kọ ọ́, 1,000 rẹ̀ ló sì jẹ́ Wh kan. Bí Latitude kan bá kọ 60,000 àti 38,400, ìdá 64 nínú 100 ló kù, wákàtí 7 àbọ̀ ti di wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 48. Ìròyìn T480 yóò fi bátìrì méjèèjì hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí olùrà sì ka méjèèjì, torí ti inú lè ti kú nígbà tí ti ẹ̀yìn ṣì ń ṣe dáadáa. Lórí MacBook, ibi System Information ni ó wà, lábẹ́ Power: Cycle Count ni iye ìgbà tí wọ́n ti lo odindi ṣájì tán. Apple fún Air ní 1,000.

Ìròyìn yìí lè purọ́. Bátìrì ayédèrú ní ṣíìpù kékeré kan nínú tó máa ń sọ ohun tí ẹni tó ṣe é bá fi sí i lẹ́nu. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu délẹ̀délẹ̀, tí iye ìgbà lílò jẹ́ 0, lára ẹ̀rọ 2018, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú. Ìdánwò kan wà tí kò gba ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kí wọ́n yọ ṣájà, kí wọ́n fi fídíò sí i, kí wọ́n sì wo iye tó bọ́ sílẹ̀. Bátìrì tó ní 60 Wh lóòótọ́, lára ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 12, yóò pàdánù ìdá 10 nínú 100 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá pàdánù 25, ìròyìn náà kò sòótọ́. Bó bá ń fò láti 60 bọ́ sí 40 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú bátìrì náà ti bàjẹ́. Oníṣòwò tó bá kọ̀ láti jẹ́ kí ìdánwò yìí wáyé ti dáhùn ìbéèrè náà.

Bátìrì yóò gbó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà, ohun yòówù kí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ lónìí. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe ti wọlé. Lára T480, bátìrì ẹ̀yìn kò nílò oníṣẹ́ rárá. Lára Latitude 7490 àti EliteBook 840 G5, ìdérí ìsàlẹ̀ ni a óò tú, súkúrù díẹ̀ ló sì di bátìrì mú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ihò ráàmù méjì, a sì lè yọ ẹ̀yà tí fáìlì ń gbé inú rẹ̀, kí a fi èyí tó tóbi rọ́pò. MacBook Air M1 yàtọ̀ pátápátá. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ bátìrì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ráàmù rẹ̀ àti ibi tí fáìlì ń gbé kò ṣeé yọ rárá. Ohun tí ẹ̀rọ bá gbé wá lọ́jọ́ ìrajà ni yóò lò títí ayé, bí mọdàbọ́ọ̀dù bá sì kú, ó máa ń ṣòro gan-an láti rí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó wà lórí rẹ̀ gbà padà. Nínú ẹ̀rọ mẹ́ta yòókù, a óò yọ ẹ̀yà fáìlì, a óò ki í bọ inú ẹ̀rọ mìíràn, iṣẹ́ náà yóò sì wà níbẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í pa.

Kíbọ́ọ̀dù ni ohun tí omi, tíì àti gaàrí máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́ ní hóstẹ́ẹ̀lì. Ti T480 ń yọ láti òkè lẹ́yìn tí a bá tú súkúrù méjì nísàlẹ̀. Ti MacBook Air ni wọ́n kàn mọ́ òkè ẹ̀rọ náà, nítorí náà odindi ìdajì òkè ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀, owó rẹ̀ sì lè mú kí òbí béèrè bóyá kò kúkú ní ra òmíràn.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí orúkọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè yí ohun gbogbo padà. T480s, tó ní “s” lẹ́yìn, tẹ́ẹ́rẹ́ ju T480 lọ, ó sì rẹwà jù ú, ṣùgbọ́n kò ní bátìrì ẹ̀yìn, apá kan ráàmù rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ mọdàbọ́ọ̀dù. ThinkPad X1 Carbon àti EliteBook x360 1030 máa ń fa ojú mọ́ra lórí àtẹ. Ráàmù wọn ti lẹ̀ pátápátá. Bí ẹ̀rọ ọ́fíìsì bá ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe.

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tún ní àìsàn tirẹ̀. T480 ń gba ṣájì láti ihò Táípù-Sí nìkan, wọ́n sì jó ihò náà mọ́ mọdàbọ́ọ̀dù, nítorí náà fífà á ní ìfàkufà lè ba mọdàbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ jẹ́. Ó tún ní àléébù kan nínú ètò abẹ́lẹ̀ Thunderbolt rẹ̀ tó lè mú kí ihò yìí dẹ́kun iṣẹ́. Lenovo ti gbé àtúnṣe jáde fún un, ó sì yẹ kí wọ́n fi í sí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e délé. Dell ní tirẹ̀ máa ń bá ṣájà sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan láàárín ẹnu ṣájà. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá tẹ̀, tàbí tí ṣájà bá jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rọ yóò kọ̀wé sójú pé òun kò mọ irú ṣájà tó wà lẹ́nu òun, kò ní gba ṣájì, yóò sì máa rákòrò bí ìgbín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ pààrọ̀ bátìrì tí kò ṣe nǹkan kan nítorí èyí, bẹ́ẹ̀ ṣájà ló ń da ẹjọ́.

Ní ti àtúnṣe ní agbègbè ẹni, tòkunbọ̀ sábà máa ń ti kọjá àkókò tí ẹni tó ṣe é ṣèlérí láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, èyí tí Dell ń pè ní Service Tag, ni a óò tẹ̀ sí ojú ìkànnì iléeṣẹ́ náà láti rí ọjọ́ tí ìlérí náà parí. Apple kò ní ilé ìtajà tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn oníṣòwò tó fún láṣẹ ló ń bá a ṣiṣẹ́. Nítorí náà ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ ìtọ́jú fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀yà tó wà lọ́jà àti ọwọ́ tó mọ bí a ṣe ń fi í sí i. Ibí ni ẹ̀rọ ọ́fíìsì ti jàǹfààní jù lọ: bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú kan náà ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ti kú nínú wọn ń di ibi tí a ti ń yọ ojú, kíbọ́ọ̀dù àti fáànù fún èyí tó wà láàyè. HP, Dell àti Lenovo tún gbé ìwé ìtọ́sọ́nà títú ẹ̀rọ wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àwòrán súkúrù kọ̀ọ̀kan.

Kí a tó rà á, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ tó wà nítòsí yunifásítì náà ló yẹ kí a lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Kí a dárúkọ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí a béèrè iye tí ojú, bátìrì àti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń lọ, àti ọjọ́ mélòó tí yóò gbà. Bí ó bá lè sọ owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìpe ẹnikẹ́ni, ẹ̀yà wọn ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ déédéé. Bó bá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí òun lọ wò ó ní Ìkẹjà, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti mọ iye ọjọ́ tí yóò wà láìní kọ̀ǹpútà lásìkò ìdánwò.

Ohun kan ṣoṣo wà tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ jù lọ lè má lè tún ṣe: ìdè iléeṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kí ó tó jẹ́ kí a wọ ètò abẹ́lẹ̀ rẹ̀, tàbí tó gbé orúkọ iléeṣẹ́ kan sójú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ tí wọ́n sì so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ni ín kò tíì tú u sílẹ̀. MacBook ní irú rẹ̀ tó ń jẹ́ Activation Lock. Ọ̀rọ̀ “kò ní yọ yín lẹ́nu” tí oníṣòwò ń sọ kò tó ẹ̀rí.

Bí a bá mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wọlé sí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé ní Ilé-Ifẹ̀, ọdún márùn-ún ló wà níwájú rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ láìsí ṣájà ni ó ń fẹ́. Ní wáàtì 8, 48 Wh nìyẹn. Ẹ̀rọ mẹ́rin wà níwájú rẹ̀. EliteBook ṣì lè gba 41 Wh, wákàtí 5 ó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà nínú ètò abẹ́lẹ̀, ó sì bọ́ kúrò lórí tábìlì láìṣe àlàyé mìíràn. MacBook Air ní ìdá 86 bátìrì rẹ̀, yóò sì lò ju wákàtí mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n Revit àti Civil 3D, tí yóò bá pàdé nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ tààrà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ tàbí òfin ló ń kà, Air ni ìbá mú, tí owó bá wà, bí ó bá ṣáà ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn.

Ó ku méjì. T480 ní 15.6 Wh nínú, 33.6 Wh lẹ́yìn. Àpapọ̀ rẹ̀, 49.2, tó wákàtí 6 ó lé díẹ̀. Latitude tó ní 38.4 Wh kò tó o. Àmọ́ ìyẹn kò tíì parí ẹjọ́, nítorí bátìrì tuntun gidi yóò dá Latitude padà sí wákàtí 7 àbọ̀. Nítorí náà, ìṣirò tó kù jẹ́ ti owó: owó Latitude pẹ̀lú owó bátìrì tuntun, tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó T480. Bí Latitude bá ṣì dínkù, òun ni ó jèrè jù, ìròyìn bátìrì yẹn gan-an sì ni ohun tí a óò fi na owó rẹ̀ wálẹ̀ níwájú oníṣòwò. Bí owó bá dọ́gba, T480 ló yẹ, torí bátìrì ẹ̀yìn tí kò nílò oníṣẹ́. Èyí tó wù kó mú, ráàmù gígábáìtì 16 ni yóò nílò fún àwòrán ìkọ́lé, ihò méjì tó wà nínú wọn sì gba èyí láìsí wàhálà. Iṣẹ́ àwòrán ńlá olójú-mẹ́ta yóò ṣì wúwo fún méjèèjì.

Ẹni tó bá mú T480 lè fẹ́ ra bátìrì ẹ̀yìn méjì lọ́jọ́ kan náà, kó fi ọ̀kan pamọ́ de ọdún kẹrin. Owó ìyẹn yóò ṣòfò. Bátìrì ń gbó bó tilẹ̀ wà nínú páálí, pàápàá níbi tí ooru wà, èyí tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ láìní ṣájì rárá lè kú pátápátá kí wọ́n tó ṣí i. Kí ó rà á nígbà tí ìròyìn bátìrì bá fi hàn pé èyí tó wà lẹ́yìn ti bọ́ sí ìdajì, tàbí lọ́gán tí bátìrì inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú tó ń ti pátákó ìtọ́ka sókè. Nígbà yẹn, kí ó pa ẹ̀rọ náà, kí ó má sì fi iná sí i mọ́ títí wọn yóò fi yọ ọ́.